Ríìtì: bí owó ilé ńlá ṣe lè kan ẹni tí kò ní ilé. Ìbéèrè àwọn ará Ìkòròdú àti ìdáhùn

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ kan ní Ṣàbó, Ìkòròdú. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ nípàdé pé apá kan nínú owó mi ti wà nínú ríìtì láti ọdún 2015, ìbéèrè ò dá mọ́. Àwọn kan ń dá mi dúró níbi tí mo ti ń ra ata, àwọn míì ń pè mí lóru. Mo wá kó àwọn ìbéèrè náà jọ bí wọ́n ṣe bi mí, pẹ̀lú èsì tí mo fún wọn.

Akápò, kí ni wọ́n ń pè ní ríìtì gan-an? Ṣé bíi ká dáwó jọ ra ilẹ̀ náà ni?

Ó fara jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ríìtì jẹ́ àpò owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn dá sí, tí wọ́n fi ra ilé tó ti ní ayálégbé nínú tàbí tó máa tètè ní: ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù, ilé gbígbé. Wọ́n á pín àpò náà sí ẹyọ kéékèèké. Iye ẹyọ tí ẹ bá ní ló máa sọ iye tó kàn yín nígbà tí wọ́n bá gba owó ilé, tí wọ́n yọ ìnáwó kúrò, tí wọ́n sì pín èyí tó kù. Lórí pátákó ọjà ìpín ní Èkó, ẹ ó rí lẹ́tà REIT nídìí orúkọ wọn, bíi UPDCREIT àti SFSREIT.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ kò ju bí wọ́n ṣe ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwa méjìlá dáwó ra ilẹ̀ lọ́nà Ìmọ̀tà. Ọwọ́ alága wa ni rìsíìtì wà, ó sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ aṣọ òkè nínú àpótí rẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn ò mọ ẹgbẹ́ kankan. Ilẹ̀ náà ò tíì bọ́ sí wa lọ́wọ́ di báyìí. Nínú ríìtì, ẹni tó ń darí owó, tó ń pinnu ilé tí wọ́n máa rà, kọ́ ló ń tọ́jú ìwé ilé. Alágbàtọ́ wà, ìyẹn ilé iṣẹ́ mìíràn tó dúró fún gbogbo ẹni tó ní ẹyọ, tó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bá olùdarí wí. Olùtọ́jú wà tó ń kó owó àti ìwé pamọ́. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò. Bí olùdarí bá kógbá sílé, ilé kì í bá a lọ.

Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní ọdún 1960. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 2007 pẹ̀lú èyí tí wọ́n pè ní Skye Shelter Fund nígbà náà, òun náà ló wá di SFSREIT.

Ẹ ṣírò rẹ̀ fún mi. Bí mo bá fi 200,000 náírà sí i, kí ni máa rí?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù. Kò sí ríìtì kan pàtó nínú àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ ṣe yìí o, mo kàn yan iye tó rọrùn láti tẹ̀ lé ni.

Ká sọ pé ríìtì kan ní ẹyọ mílíọ̀nù 100. Ilé rẹ̀ jẹ́ méjì, sọ̀féyọ̀ sì díye lé méjèèjì ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà. Lọ́dún kan, owó ilé tó wọlé jẹ́ mílíọ̀nù 120. Ó ní owó díẹ̀ tó yá ìjọba, èlé orí ìyẹn mú mílíọ̀nù 20 wá. Àpapọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 140.

Ìnáwó wá kàn. Ẹni tó ń bójú tó ilé, ọlọ́dẹ, àtúnṣe òrùlé, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ àti owó ìbánigbófò kó mílíọ̀nù 30 lọ. Olùdarí, alágbàtọ́, olùtọ́jú àti ayẹ̀wé-owó-wò kó mílíọ̀nù 20. Ó ku mílíọ̀nù 90. Wọ́n pín ìdá 90 nínú 100 rẹ̀, ìyẹn mílíọ̀nù 81. Ẹ pín in sórí ẹyọ mílíọ̀nù 100, ẹyọ kan gba kọ́bọ̀ 81.

Ká ní náírà 8 ni wọ́n ń ta ẹyọ kan lọ́jà lọ́jọ́ tí ẹ rà. 200,000 náírà yín ra ẹyọ 25,000. (Owó iṣẹ́ bùrókà, ìyẹn ẹni tó ń bá wa rà á lọ́jà ìpín, àti ti ọjà wà níbẹ̀, mo fò ó kí ìṣirò má bàa lọ́.) Kọ́bọ̀ 81 lọ́nà 25,000 jẹ́ 20,250 náírà. Wọ́n á yọ owó orí ìdá 10 nínú 100 kí wọ́n tó san án, 2,025 náírà lọ. Ohun tó wọ báǹkì yín ni 18,225 náírà, ó lé díẹ̀ ní náírà 9 lórí náírà 100 kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi sílẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń pín púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé òfin ìnáwó ti ọdún 2019 sọ pé bí irú ilé iṣẹ́ yìí bá pín ó kéré tán ìdá 75 nínú 100 owó ilé àti èrè ìpín tó wọlé fún un láàárín oṣù 12 lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò parí, kò ní san owó orí ilé iṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí kò bá pín in, ìjọba á mú tirẹ̀ kó tó kan yín.

Bí ayálégbé bá kó jáde ńkọ́?

Àárín ibi tó ń dun ni lẹ ti bi mí yìí. Ẹ padà sí ìṣirò òkè yẹn. Ká sọ pé báǹkì kan tó gba àjà méjì kó jáde, owó ilé mílíọ̀nù 40 sì bá a lọ. Owó ilé di 80. Pẹ̀lú èlé 20, ó di mílíọ̀nù 100. Àmọ́ ọlọ́dẹ ṣì ń ṣọ́ ilé, òrùlé ṣì ń jò, alágbàtọ́ ṣì ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìnáwó ò kúrò ní 50. Ó ku 50, ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 45. Ẹyọ kan di kọ́bọ̀ 45.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó ilé ló lọ, àmọ́ owó tó kàn yín fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdajì, láti 20,250 sí 11,250 kí wọ́n tó yọ owó orí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ wá iye ilé àti iye ayálégbé tí ríìtì ní kí n tó wo nǹkan mìíràn. Ríìtì tí ayálégbé kan ṣoṣo ń san ìdajì owó ilé rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró. Nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún wọn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye àyè tó ní èèyàn nínú, kẹ́ ẹ sì fi wé ti ọdún tó kọjá.

Wọ́n kéde èrè bílíọ̀nù, àmọ́ owó díẹ̀ ni wọ́n pín. Ṣé wọn ò jí i?

Ó lè má jẹ́ olè. Sọ̀féyọ̀ máa ń tún iye ilé dá lọ́dọọdún. Bí ilé tó jẹ́ bílíọ̀nù kan ààbọ̀ lánàá bá di bílíọ̀nù méjì lónìí, wọ́n á kọ mílíọ̀nù 500 sí èrè. Kò sí ẹnikẹ́ni tó san mílíọ̀nù 500 náà. Ó dà bí ìgbà tí éjẹ́ǹtì sọ fún yín pé ilé yín ní Ìgbógbò ti wọ́n sí i: inú yín dùn, àmọ́ ẹ ò lè fi ra gaàrí.

Ẹ máa wá ìlà owó ilé nínú ìwé ìròyìn wọn, kẹ́ ẹ sì wo owó tó wọlé lóòótọ́ lójú ewé tí wọ́n to wíwọlé àti jíjáde owó sí. Bí èrè bá ń ga lọ́dọọdún, tí owó ilé dúró sójú kan, orí ìwé ni èrè náà wà. Bí gbèsè ayálégbé bá sì ń ga, tó jẹ́ pé owó ilé tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò tíì dé ọwọ́, ẹ máa fura.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé àwọn tó rà á ní náírà 10 pàdánù. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta UPDCREIT fún aráàlú ní 2013, náírà 10 ni ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, ó wà lábẹ́ náírà 10 fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Abebe Court tó wà lára ilé rẹ̀ ṣì dúró ní Ìkòyí, àwọn èèyàn sì ń gbé inú rẹ̀. Báwo ni ilé á ṣe dúró tí iye ẹyọ á sì já?

Iye méjì ni ẹyọ kan ní. Àkọ́kọ́ ni iye ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, bílíọ̀nù kan ààbọ̀ lórí ẹyọ mílíọ̀nù 100 jẹ́ náírà 15. Èkejì ni iye tí ẹni tó fẹ́ rà á lọ́jà ṣe tán láti san, ìyẹn náírà 8. Ohun tó ń ya méjèèjì nípa ni ohun mìíràn tí olówó lè fi owó rẹ̀ ṣe. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ ń san ju ìdá 20 nínú 100 lọ lórí owó tí wọ́n bá yá a fún ọdún kan. Ta ló máa ra èyí tó ń fúnni ní 9? Ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan bí 18 lórí 100 lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó orí kò ní san ju náírà 4 lọ fún ẹyọ tó ń pín kọ́bọ̀ 81. Ẹyọ á já wá sí náírà 4, ilé kò sì yẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Ẹni tó rà á ní 8 tó sì fẹ́ tà á lọ́dún yẹn pàdánù ìdajì owó rẹ̀. Ẹni tí kò tà á ṣì ń gba kọ́bọ̀ 81 rẹ̀, ó sì tún ní ohun kan tí owó tí a yá ìjọba kò ní: owó ilé máa ń ga nígbà tí àdéhùn bá parí, èlé ìjọba kì í kúrò ní iye tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Lójú tèmi, ọdún tí èlé ga tí gbogbo èèyàn sá fún ríìtì ló yẹ kí ẹni tó ní sùúrù wò ó, níwọ̀n ìgbà tí ilé bá ti ní ayálégbé.

Bí mo bá fẹ́ owó mi padà, ṣé mo lè gbà á lọ́jọ́ kejì?

Ẹ má fi owó ilé ìwé sí i o. Ẹ kì í gbé ẹyọ tí ẹ rà lọ́jà ìpín padà lọ bá olùdarí kó san owó yín, ẹlòmíràn tó fẹ́ rà á lẹ máa tà á fún. Ọjà ríìtì wa kò sì kún bí ọjà Ayángbùrẹ́n. Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi wọlé sí yunifásítì, mo ní ẹyọ 12,000 tí mo fẹ́ tà. Bùrókà gbé fóònù rẹ̀ sí mi lójú. Apá kan jẹ́ àwa tá a fẹ́ tà, ó gùn títí. Apá kejì ni àwọn tó fẹ́ rà: ẹnìkan fẹ́ 500, ẹnìkan 1,200, ẹlòmíràn fẹ́ 3,000 àmọ́ ó ń san kọ́bọ̀ 60 kéré sí iye tí mo béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tà á tán ní ẹyọ-ẹyọ, mo sì yá owó lọ́wọ́ ìyàwó mi kí n tó rí i tà.

Kẹ́ ẹ tó rà, ẹ ní kí bùrókà fi iye ẹyọ tí wọ́n ń tà lójúmọ́ láàárín oṣù kan hàn yín. Bí ọjọ́ tí wọn ò ta ẹyọ kankan bá pọ̀, ẹ ti mọ bí ẹnu ọ̀nà ìjáde ṣe fẹ̀ tó.

Báwo ni mo ṣe máa rà á?

Ẹ wá bùrókà tí orúkọ rẹ̀ wà lójú ewé SEC, sec.gov.ng. Á gba BVN, NIN, fọ́tò àti ìwé iná yín, á sì ṣí àkáǹtì fún yín lọ́dọ̀ CSCS, ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ni ẹyọ sí. Nọ́ńbà tiyín ni nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe ti bùrókà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ dá iye tí ẹ fẹ́ san fún un, ẹ má sọ pé "iye yòówù". Lọ́jà tí èèyàn ò pọ̀, "iye yòówù" lè di iye gọbọi.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé: èyí tó ń sọ báǹkì tí wọ́n máa san èrè yín sí. Èmi ò kọ ọ́ ní 2015. Ọdún mẹ́rin ni èrè mi fi jókòó sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ, nítorí orúkọ bàbá mi ló ṣíwájú nínú ìwé báǹkì mi, tó sì kẹ́yìn nínú ti ríìtì. Wọ́n san án tán nígbẹ̀yìn láìsí èlé kankan lórí rẹ̀, ìyẹn sì ni pé ohun tí náírà yẹn lè rà ti dín. Kí orúkọ yín bára mu lójú ìwé méjèèjì.

Kí ló dé tí kò sí ilé Ìkòròdú nínú wọn? Ṣé ilé wa kò dára ni?

Ìwé ni ìṣòro àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti jáde ní 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ilé fún owó aráàlú gbọ́dọ̀ rí ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ilé wa níhìn-ín, rìsíìtì ẹbí ló dúró lé. Alágbàtọ́ ò lè gbé e.

Èkejì ni ọwọ́ tí a fi ń gba owó. Ilé kojú-sí-mi-kí-n-kojú-sí-ọ oníyàrá mẹ́wàá túmọ̀ sí ìdílé mẹ́wàá, ẹjọ́ mẹ́wàá, owó kékeré mẹ́wàá. Àjà ọ́fíìsì kan tí ilé iṣẹ́ ńlá kan gbà máa ń san ju òpópónà kan lọ ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ta ẹja ní Ẹ̀bútẹ́ tó bá ra ríìtì, owó ilé Ìkòyí àti Àbújá ló ń jẹ, nígbà tí ilé tirẹ̀ wà níbí. Mi ò sì sọ pé kẹ́ ẹ má kọ́lé o. Ilé tí èèyàn ń gbé ń gbà á lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù, ríìtì ò lè ṣe ìyẹn.

Wọ́n pè wá sí ìpàdé kan, wọ́n ní ká mú mílíọ̀nù kan wá, àwọn á san ìdá 30 lọ́dún lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́. Ríìtì náà ni?

Rárá. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ san owó sí. Bó bá jẹ́ àkáǹtì ilé iṣẹ́ tó ń ta ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kò sí olùtọ́jú, kò sí alágbàtọ́. Ẹ tún bi wọ́n pé, ayálégbé wo ló ń san 30 náà? Ilẹ̀ òfìfo kì í sanwó ilé. Bí kò bá sí ayálégbé, owó ẹni tó dé lẹ́yìn yín ni wọ́n fi ń san tiyín. Ríìtì tòótọ́ kì í ṣèlérí iye tó máa pín, nítorí kò mọ ẹni tó máa kó jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní 2025 dárúkọ irú ètò jìbìtì bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ gbé orúkọ ilé iṣẹ́ náà lọ sójú ewé SEC. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má wọlé.

Alhaja ni mí. Ṣé kò ní ribà nínú?

Owó ilé kì í ṣe ribà, àmọ́ ẹ rántí mílíọ̀nù 20 èlé tó wà nínú àpẹẹrẹ wa. Ọ̀pọ̀ ríìtì máa ń yá ìjọba tàbí báǹkì ní apá kan owó wọn. Ẹ mú ìwé ìròyìn wọn lọ bá aáfà yín, kẹ́ ẹ fi ìlà èlé hàn án, kó sọ bóyá ẹ máa yọ ìdá yẹn ṣe sàráà tàbí kẹ́ ẹ má rà á rárá. Sùkúùkù ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ìwé ìdókòwò ìjọba tí kò ní èlé nínú, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ iyè méjì nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ṣé ẹgbẹ́ wa lè rà á lórúkọ ẹgbẹ́?

Ó ṣeé ṣe bí ẹgbẹ́ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bùrókà á béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìwé ìpinnu ìpàdé tí a fọwọ́ sí, àti orúkọ àwọn tó lè fọwọ́ sí títà. Mo ti dábàá pé kó jẹ́ ẹni mẹ́ta, kó má sì sí ìwé kankan tó máa wà nílé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ètò ìpàdé Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, mo sì máa mú ìwé ìròyìn ọdún mẹ́ta UPDCREIT àti SFSREIT wá kí gbogbo wa jọ wo ìlà owó ilé ká tó dìbò.